Kọ́kọ́rọ́ Kan, Ọwọ́ Mẹ́fà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, iléeṣẹ́ HMV tó ń ta àwo orin àti fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 60 dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjà ti kùtà, gbèsè sì ti wọ iléeṣẹ́ náà lọ́rùn. Ohun tí àwọn ọ̀gá kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń lé lọ ló ń bójú tó ojú òpó Twitter iléeṣẹ́ ọ̀hún, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó parí ìpàdé, ọ̀rọ̀ ti ń jáde lójú òpó HMV fúnra rẹ̀, níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà, pé wọ́n ń lé àwọn lọ báyìí o. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀gá ètò ìpolówó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ti Twitter pa.

Kò sẹ́ni tó jí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kó fi ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rò ó wò rí bí wọ́n ṣe máa gbà á padà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Iléeṣẹ́ ńlá tó ti lé ní 90 ọdún sì ni HMV nígbà náà. Ní àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, níbi tí èèyàn márùn-ún ti ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ aláádìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, bí àpẹẹrẹ. Obìnrin tó dá a sílẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Màmá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bójú tó owó. Máníjà kan wà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń ya fọ́tò àti fídíò, òun náà ló ń gbé wọn sórí Instagram àti TikTok. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Ẹni kẹfà kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn rárá: agbaṣẹ́ṣe ni, Èkó ló ń gbé, òun ló ń bá wọn ṣe ìpolówó olówó lórí Facebook. Ojú òpó wọn náà jẹ́ mẹ́fà: Instagram, Facebook, TikTok, X, YouTube àti WhatsApp. Ibi mẹ́ta sì ni páásíwọ́ọ̀dù wà. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí Màmá ń fi sínú báàgì, ó wà nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́, ó sì wà lórí ọ̀dọ́bìnrin tó ń ya fídíò. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kan náà fún gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí irú iléeṣẹ́ yìí nílò ni àpótí àjọlò, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ń pa páásíwọ́ọ̀dù mọ́ síbì kan, tó sì ń jẹ́ kí ọ̀gá pinnu ẹni tó lè rí i, ẹni tó lè fi wọlé láìrí i, ẹni tó lè yí i padà, àti ẹni tí kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bitwarden ni a máa fi ṣàlàyé níbí. Ó ti wà láti ọdún 2016, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gba èèyàn méjì láàyè láti jọ pín àpótí lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ti ju méjì lọ, wọ́n á máa sanwó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ kan wà ṣáájú àpótí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú òpó tí kò yẹ kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan. Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ páásíwọ́ọ̀dù, kò ní gbé e lọ nígbà tó bá ń lọ, kò sì sí ìdí láti máa yí i padà nítorí rẹ̀.

Facebook ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé iléeṣẹ́ lórí Facebook kò ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àkáǹtì ara ẹni ni olúkúlùkù fi ń wọ ibẹ̀, ẹni tó ni ojú ìwé náà á sì yan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe: ẹnì kan á máa gbé àwòrán sí i, ẹnì kan á máa dáhùn ìbéèrè, ẹlòmíràn á máa ṣe ìpolówó nìkan. Nítorí náà, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe tó wà l'Ékòó bá ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù Facebook wa,” páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì Màmá fúnra rẹ̀ ló ń béèrè, èyí tí fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ wà nínú rẹ̀. Kò nílò rẹ̀. Kí wọ́n fún un láṣẹ ìpolówó nìkan láti inú Meta Business Suite, kó máa fi àkáǹtì tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun kan ni kí wọ́n ṣọ́ra fún níbẹ̀. Àṣẹ kan wà lórí Facebook tó kó gbogbo agbára pọ̀. Ẹni tó bá ní in lè yọ àwọn yòókù kúrò, ó sì lè pa ojú ìwé náà rẹ́. Ó kéré tán, kí èèyàn méjì ní in, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tó ni iléeṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù ló wà tó jẹ́ pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló ṣí i pẹ̀lú àkáǹtì ara rẹ̀, òun nìkan sì ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba òmìnira lọ.

YouTube náà ní irú ètò yìí. Nínú YouTube Studio, lábẹ́ Permissions, wọ́n lè jẹ́ kí ọ̀dọ́bìnrin náà máa fi ímeèlì tirẹ̀ gbé fídíò sórí rẹ̀. X ní tirẹ̀, Delegate ni wọ́n ń pè é nínú ètò ààbò àkáǹtì: ẹni tí wọ́n bá yàn á máa fi àkáǹtì ara rẹ̀ kọ̀wé lórúkọ iléeṣẹ́, kò sì ní mọ páásíwọ́ọ̀dù. WhatsApp kò tilẹ̀ ní páásíwọ́ọ̀dù, orí nọ́ńbà fóònù ló dúró lé. Fóònù tó ni nọ́ńbà náà á wà lọ́dọ̀ ọmọ Màmá, wọ́n á sì so ẹ̀rọ tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń lò mọ́ ọn. WhatsApp gba ẹ̀rọ mẹ́rin láàyè láti so mọ́ fóònù kan, fóònù náà sì ni wọ́n fi ń já èyíkéyìí kúrò nígbà tó bá wù wọ́n.

Nígbà tí wọ́n bá ṣe èyí tán, ọwọ́ mẹ́fà tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú ti di mẹ́rin. Agbaṣẹ́ṣe kò ní ohunkóhun ṣe nínú àpótí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn náà kò ní. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀ fún àwọn méjèèjì, iṣẹ́ wọn ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó kù ni Instagram àti TikTok. Òótọ́ ni pé ẹni tó so Instagram mọ́ Facebook lè ṣe púpọ̀ níbẹ̀ láti Meta Business Suite láìmọ páásíwọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fídíò, tó ń fi orin sí i, tó ń gé e, tó sì ń gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, orí áàpù tó wà lórí fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó gbọ́dọ̀ wọlé. Méjì yìí ló wà fún àpótí. Àwọn nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ojú òpó ayélujára, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni gbòǹgbò: ímeèlì tí wọ́n fi ṣí gbogbo àkáǹtì, nọ́ńbà àṣírí WhatsApp, àti àwọn kóòdù àfipamọ́ tí Instagram ń fúnni fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ pín àpótí sí ìpele, ìbéèrè tó wúlò kì í ṣe ta ni àgbà níbi iṣẹ́. Ohun tí wọ́n máa bi ara wọn ni pé, kí ni kọ́kọ́rọ́ yìí tún lè ṣí? Páásíwọ́ọ̀dù Instagram ń ṣí Instagram. Ṣùgbọ́n ẹni tí ímeèlì iléeṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ sí Instagram, TikTok tàbí X, kó ní òun gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì fi ọ̀nà ìwọlé tuntun ránṣẹ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ tó ń bí kọ́kọ́rọ́ ni ímeèlì. Nítorí náà àpò méjì péré ló tó fún iléeṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni Àpò Gbòǹgbò, tí ímeèlì, kóòdù àfipamọ́, nọ́ńbà àṣírí WhatsApp, àti páásíwọ́ọ̀dù àwọn àkáǹtì tó ni YouTube àti X wà nínú rẹ̀. Màmá àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Èkejì ni Àpò Ojoojúmọ́, Instagram àti TikTok ló wà nínú rẹ̀. Máníjà lè rí i, ó sì lè yí i padà. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ya fídíò lè fi wọlé, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ràwọ̀ ni páásíwọ́ọ̀dù máa ń jẹ́ lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí Bitwarden kò le. Ọmọ Màmá á ṣí àkáǹtì tirẹ̀, á dá Organization kan sílẹ̀ ní orúkọ iléeṣẹ́, á sì ṣí àpò méjèèjì sínú rẹ̀. Collection ni Bitwarden ń pe àpò. Lẹ́yìn náà á fi ímeèlì pe àwọn mẹ́ta yòókù, á sì yan àpò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè wọ̀ àti ohun tó lè ṣe níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: ipò ènìyàn nínú Organization yàtọ̀ sí àṣẹ tó ní lórí àpò. Bí wọ́n bá fi máníjà sí ipò Admin torí pé máníjà ni, wọ́n ti fún un lágbára láti pe èèyàn wọlé, láti lé èèyàn jáde, àti láti tún ètò ẹni tó ń wọ àpò ṣe. Kí máníjà wà ní ipò User. Àṣẹ tó nílò lórí Àpò Ojoojúmọ́ ni kí wọ́n fún un. Màmá àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni Owner.

Ìpè náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kẹta ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Wọ́n á pe èèyàn, onítọ̀hún á gbà, lẹ́yìn náà ọ̀gá á tún padà wá tẹ Confirm. Ìgbà tí ọ̀gá bá tẹ̀ ẹ́ ni àpótí tó fi kọ́kọ́rọ́ àjọlò lé ẹni tuntun náà lọ́wọ́, nítorí pé iléeṣẹ́ Bitwarden fúnra rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ láti fún ẹnikẹ́ni. Bí máníjà bá ń sọ pé, “Màmá, mo ti wọlé o, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan kan níbẹ̀,” ẹsẹ̀ kẹta yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Kí ọ̀gá sì tó tẹ Confirm, Bitwarden lè fi ọ̀rọ̀ márùn-ún kan hàn án, èyí tó yẹ kó bá ọ̀rọ̀ márùn-ún tó wà lórí fóònù ẹni tí wọ́n pè mu. Kí wọ́n pe onítọ̀hún lórí fóònù, kó ka tirẹ̀ sókè. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kì í ṣe ẹni tí wọ́n rò ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ràwọ̀ yẹn gba àlàyé, nítorí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ. Bí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ máa lo páásíwọ́ọ̀dù láìrí i, àpótí á bá a tẹ̀ ẹ́ sójú ibi ìwọlé Instagram, òun náà á wọlé. Kò ní lè dà á kọ fúnra rẹ̀, kò ní lè fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpótí bá ti tẹ̀ ẹ́ sójú ibi ìwọlé, ó ti dé inú ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tó bá tẹ àwòrán ojú tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè páásíwọ́ọ̀dù lè rí i kedere. Bitwarden fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa èyí fún àwọn tó ń lò ó. Aṣọ ìkélé ni, kì í ṣe ògiri. Ohun tó ń dènà ni àìbìkítà, irú èyí tí òṣìṣẹ́ máa fi fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tó fẹ́ bá a gbé fídíò síta. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ rí i, á rí i.

Ìdí nìyí tí kò fi tó láti kó páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ sínú àpótí tuntun. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọdún ṣì wà nínú ìwé Màmá, ó ṣì wà nínú gúrúùpù WhatsApp, lórí fóònù àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó Instagram sínú àpótí ni kí wọ́n jẹ́ kí àpótí fúnra rẹ̀ hun páásíwọ́ọ̀dù tuntun, lẹ́tà àti nọ́ńbà 20 tí kò ní ìtumọ̀ kankan, kí wọ́n sì fi rọ́pò ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó máa há a sórí, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni há a sórí.

Páásíwọ́ọ̀dù nìkan kò tó, gbogbo wa la ti mọ̀ pé Instagram tún máa ń béèrè kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà. Ibí yìí ni iléeṣẹ́ kéékèèké ti máa ń kó sí wàhálà. Kóòdù ń lọ sórí fóònù Màmá, Màmá wà lóde ìgbéyàwó, fóònù wà nínú báàgì, ìlù ń dún. Ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ gbé fídíò jáde kí ọjà tó tú ń pè, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan á dábàá pé kí wọ́n kúkú pa ètò kóòdù náà tì.

Àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò nílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, òṣìṣẹ́ àjọ náà ní kí X yọ ètò kóòdù kúrò lórí àkáǹtì wọn, nítorí pé wọ́n ń níṣòro láti wọlé. Wọn kò dá a padà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú òpó náà pé SEC ti fọwọ́ sí irú ìdókòwò bitcoin kan tí gbogbo ọjà ti ń retí. Irọ́ ni. Owó bitcoin fò sókè ju 1,000 dọ́là lọ, ó sì já wálẹ̀ ju 2,000 dọ́là lọ nígbà tí òótọ́ jáde. Àjọ náà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ẹnì kan ló lọ gba síìmù nọ́ńbà fóònù tí wọ́n so mọ́ àkáǹtì náà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ló bá fi nọ́ńbà yẹn yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò jò sí ẹnikẹ́ni létí. Nọ́ńbà fóònù ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò sì sí kóòdù tó máa dá a dúró.

Ojútùú rẹ̀ wà nínú àpótí. Dípò kí Instagram máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí síìmù, wọ́n lè yan áàpù kóòdù nínú ètò ààbò rẹ̀. Instagram á fi ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan hàn wọ́n, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó jẹ́ ti Instagram nínú Àpò Ojoojúmọ́, àpótí á sì máa pèsè kóòdù tuntun ní ìṣẹ́jú ààyá 30, 30. Gbogbo ẹni tó bá láṣẹ láti wọlé á rí kóòdù náà lójú ẹsẹ̀, Màmá á sì jó dọ́jọ́ kejì tó bá wù ú. Wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún Bitwarden kó tó ṣe èyí, kò sí nínú ti ọ̀fẹ́.

Àwọn kan á sọ pé kọ́kọ́rọ́ méjì nínú àpótí kan kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì mọ́. Wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n àfiwé tó yẹ ni pé, ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò tí òṣìṣẹ́ máa pa tì lẹ́yìn oṣù kan nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Fún Instagram àti TikTok, ó yẹ kí wọ́n jọ wà nínú àpótí. Fún ímeèlì iléeṣẹ́ àti fún àpótí fúnra rẹ̀, kò yẹ rárá: kóòdù ti méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí áàpù mìíràn lórí fóònù Màmá àti ti ọmọ rẹ̀.

Kí wọ́n má sì gbàgbé síìmù iléeṣẹ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ní Nàìjíríà, ìlànà àjọ NCC fàyè gbà á pé kí wọ́n ti líìnì tí wọn kò bá fi pè tàbí ra nǹkan fún oṣù mẹ́fà, bí ó bá sì tún pẹ́ sí i, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Bí nọ́ńbà ọ̀hún bá ṣì wà nínú àkáǹtì TikTok gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àtiwọlé, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ló máa gba kóòdù wọn.

Títì pa jù náà léwu. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018, ìkìlọ̀ jáde sórí fóònù gbogbo èèyàn Hawáì ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje àárọ̀ pé ohun ìjà ń bọ̀ wá já lù wọ́n. Àṣìṣe ni. Wọ́n ti sọ fún Gómìnà David Ige láàárín ìṣẹ́jú méjì pé kò sí òótọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tún kọjá kí ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ tó jáde lójú òpó Twitter rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé òun kò mọ páásíwọ́ọ̀dù òun. Ẹ fojú inú wo Màmá tó di Àpò Gbòǹgbò mú lóun nìkan, tó sì wà lórí àìsàn, tàbí tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù àgbà tó ń ṣí àpótí. Bitwarden kò lè bá a rán an létí, nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ jẹ́ Owner méjì. Kí àwọn méjèèjì kọ páásíwọ́ọ̀dù àgbà wọn àti kóòdù àfipamọ́ àpótí sórí bébà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́nú àpòòwé, kí ó sì wà níbi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé wà. Bébà tó wà nínú sééfù kò burú. Èyí tó wà nínú báàgì ọjà ló burú.

Ẹ jẹ́ ká wá gba ibi ọjọ́ ìdágbére kọjá, nítorí ọjọ́ yẹn ló ń fi hàn bóyá àpótí ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ya fídíò ti ríṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò sí ìjà, wọ́n se oúnjẹ fún un, wọ́n fún un ní àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ló ń lọ, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ọmọ Màmá máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó yọ ọ́ kúrò nínú Organization. Kó tó yí páásíwọ́ọ̀dù kankan padà ni o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ní òdìkejì: wọ́n á sáré yí páásíwọ́ọ̀dù Instagram padà, wọ́n á fi tuntun sínú àpótí, àpótí náà á sì gbé tuntun ọ̀hún lọ sórí fóònù ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yí i padà, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kí wọ́n wá yí páásíwọ́ọ̀dù Instagram àti TikTok padà, kí wọ́n sì pa ètò kóòdù wọn, kí wọ́n tún un tan, kí ọ̀wọ́ lẹ́tà tuntun lè rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lórí Facebook, YouTube àti X. Kí wọ́n tún ṣí ibi tí Instagram kọ ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù sí, kí wọ́n wò ó bóyá nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti fi sí i láti ọjọ́ pípẹ́, láìní èrò ibi kankan, lọ́jọ́ kan tí kóòdù kò wọlé sórí fóònù Màmá.

Ohun kan tún wà tí kò ní hàn lójú Màmá. Ẹni tó wà nínú àpótí àjọlò tún ní àpótí ti ara rẹ̀ nínú áàpù kan náà, inú ti ara rẹ̀ sì ni ohun tuntun lè bọ́ sí bí kò bá yàn án pé ti iléeṣẹ́ ni. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin náà ṣí ojú òpó tuntun kan fún iléeṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀, yóò bá a lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ Màmá kò lè rí i láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, kí wọ́n jọ jókòó, kí ọ̀dọ́bìnrin náà ṣí àpótí rẹ̀, kó sì wo ohun gbogbo tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan ni Bitwarden kọ ẹni tó ni ín sí. Èyí tó bá ń jẹ́ tirẹ̀ dípò orúkọ iléeṣẹ́ ni kó gbé sínú Àpò Ojoojúmọ́ kó tó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ó ku ìgbésẹ̀ kan. Páásíwọ́ọ̀dù tuntun kì í fìgbà gbogbo lé ẹni tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ jáde. Nínú Accounts Center, lábẹ́ Password and security, Instagram ní ibì kan tó ń jẹ́ Where you're logged in, níbi tó ti to gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ṣì wà nínú àkáǹtì, pẹ̀lú ìlú tó rò pé wọ́n wà. Ọmọ Màmá ṣí i ní aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó sì rí ẹ̀rọ mẹ́rin. Ó mọ tirẹ̀, ó mọ ti máníjà, ó mọ ti ọ̀dọ́bìnrin tó ń lọ. Ẹ̀kẹrin jẹ́ Tecno kan tó wà l'Ábẹ́òkúta níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù kò lò. Wọ́n bi ara wọn léèrè títí, kí máníjà tó rántí pé fóònù òun àtijọ́ ni, èyí tí òun tà fún oníṣòwò fóònù kan ní oṣù kẹrin, láìjáde kúrò lórí Instagram. Ọmọ Màmá tẹ ẹ́ jáde pẹ̀lú ti ọ̀dọ́bìnrin náà, ó tún páásíwọ́ọ̀dù hun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ṣí TikTok láti wo tibẹ̀ náà.